Ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yóò wà? Ohun tí adájọ́ ń wò nígbà tí tọkọtaya bá pínyà

Bí ẹ bá jókòó sí kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, gbólóhùn méjì wà tí ẹ kò ní ṣàì gbọ́. Baba á ní, "Ọmọ mi ni, orúkọ mi ló ń jẹ́." Ìyá á ní, "Èmi ni mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé e sínú, èmi ni mo rọbí rẹ̀." Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wo ọwọ́ adájọ́, ẹ óò rí i pé bírò rẹ̀ kì í sábà mira nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ìgbà tó bá bi wọ́n pé, "Ta ló ń wẹ ọmọ yìí láàárọ̀? Ta ni olùkọ́ rẹ̀ ń pè bí ara rẹ̀ bá gbóná?" ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Wọ́n á kó gbogbo ìtàn ìjà ilé wá síwájú adájọ́, ta ló kọ́kọ́ gbá ta létí, ta ló bú ìyá ta, nígbà tó jẹ́ pé ìtàn ọmọ ni adájọ́ fẹ́ gbọ́. Abala 71 nínú òfin tó ń darí ẹjọ́ ìgbéyàwó ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1970, sọ ọ́ kedere pé bí ọ̀rọ̀ bá dórí ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé, ire ọmọ náà ni kóòtù gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ohun kan náà ní abala rẹ̀ àkọ́kọ́, ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ní tirẹ̀ láti 2007.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé àpòpọ̀ tí àwọn èèyàn ń pò wọ́n ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀kan ni ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ tí yóò sì máa tọ́ ọ lójoojúmọ́. Èkejì ni ẹ̀tọ́ òbí tó kù láti máa rí ọmọ. Ẹ̀kẹta ni owó ìtọ́jú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kóòtù ń pàṣẹ lórí wọn, ọ̀kan kò sì so mọ́ èkejì. Baba tó ní, "Wọn ò gbé ọmọ fún mi, mi ò ní fún wọn ní kọ́bọ̀" ti rú òfin. Ìyá tó ní, "Kò sanwó oṣù tó kọjá, kò ní fojú kan ọmọ" náà ti rú òfin. Bí ó kò bá sanwó, ẹ padà sí kóòtù lórí owó náà. Ojú baba tí ọmọ fẹ́ rí kì í ṣe ọjà tí a lè fi dógò.

Ohun kejì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó na kọ́bọ̀ lórí ẹjọ́ ni kóòtù tó lágbára lórí ìgbéyàwó yín. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, ìdána, owó orí, ká fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u ká kó sì pàṣẹ lórí àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó olórùka ní kóòtù, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ tẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó níbẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Mo ti rí ìyá kan tó ná owó ọdún kan sí kóòtù ìbílẹ̀ nítorí pé owó ibẹ̀ kéré, tó gba ìdájọ́ tó wù ú, kí ọkọ tó mú ìwé ìgbéyàwó olórùka jáde. Ìdájọ́ náà kò tẹ̀wọ̀n mọ́, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Torí náà, ẹ wo ìwé tó wà nínú àpótí yín kẹ́ ẹ tó pe akódà.

Àwọn kan á sọ pé nílẹ̀ Yorùbá, baba ló ni ọmọ. Lóòótọ́ ni àṣà fún baba lágbára lórí ọmọ, kóòtù kò sì sẹ́ ẹ. Àmọ́ láti 1989 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ kan pé kóòtù kò ní tẹ̀ lé àṣà yẹn níbi tó bá ti máa pa ọmọ lára. Ọmọ ń jẹ́ orúkọ baba, ó ń jogún baba, ìyẹn kò yí padà. Ibi tí yóò sùn lálẹ́ àti ẹni tí yóò fún un lóògùn ni kóòtù ń dá lẹ́jọ́.

Ní 1992, ilé-ẹjọ́ kan náà tún ka àwọn ohun tí adájọ́ ní láti gbé lé òṣùwọ̀n: bí ọmọ ṣe mọ òbí kọ̀ọ̀kan lára tó, ìfẹ́ tó wà láàárín wọn, owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé tí ọmọ yóò máa gbé, ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin mìíràn wà nílé pẹ̀lú òbí yẹn. Ó fi kún un pé bí ọmọ bá kéré gan-an, ọ̀dọ̀ ìyá ló yẹ kó wà àyàfi bí nǹkan kan bá wà tó fi hàn pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ yẹn kọ́ wa ní nǹkan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé adájọ́ kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ̀rí wà níwájú rẹ̀ lórí ire ọmọ náà. Kì í ṣe ohun tí adájọ́ lè ti inú ara rẹ̀ fojú inú wò.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa wà lófuurufú, ẹ jẹ́ ká ro ìdílé kan, ká ní Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Ìgbéyàwó olórùka ni wọ́n ṣe. Baba jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé èrò lálẹ́. Ìyá ń ta àǹkárá ní ọjà Gbági. Ọmọbìnrin wọn jẹ́ ọdún 11, ọmọkùnrin jẹ́ 4. Nígbà tí ìjà le, ìyá gbé ọmọkùnrin lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Apẹ̀tẹ̀. Ọmọbìnrin kù sọ́dọ̀ baba ní Mọ́níyà, níbi tí ìyá baba, ẹni ọdún 78, ti ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn òbí méjèèjì ní àwọn fẹ́ ọmọ méjèèjì.

Ìwé ẹjọ́ ìyá kún fún bí ọkọ ṣe ń lù ú. Ó yẹ kó sọ ọ́, nítorí pé ìlùkulù lójú ọmọ ń ṣe ọmọ níbi. Ìwé ẹjọ́ baba kún fún ọkùnrin kan tó ní ìyàwó òun ń bá rìn. Adájọ́ bi í pé, "Ṣé ọkùnrin yìí ń sùn níbi tí ọmọ ń sùn?" Baba ní òun kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé adájọ́ fọwọ́ sí àgbèrè. Ohun tó ń wádìí ni bóyá ó kan ọmọ, ẹ̀rí kankan kò sì sí pé ó kàn án. Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí obìnrin tó jẹ̀bi nínú ìkọ̀sílẹ̀ tó tún gbé ọmọ lọ sílé, tí àwọn ará ilé ọkọ á sì máa pariwo pé wọ́n ti fún adájọ́ lówó.

Lẹ́yìn èyí ni adájọ́ dá ẹjọ́ dúró, ó ní kí àwọn Wẹ́lífíà lọ wo ilé méjèèjì kí wọ́n sì kọ ìròyìn wá. Òfin fún un láṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí ń bẹ̀rù Wẹ́lífíà, wọ́n á ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á se ìrẹsì àti adìẹ lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ Wẹ́lífíà tó mọṣẹ́ kò wo ìkòkò. Ó ń wo ibi tí ọmọ ń tẹ́ ẹní sí, ìwé iléèwé rẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ń wo bóyá ọmọ sá mọ́ òbí lára àbí ó sá fún un. Ó lè dé iléèwé kó bi olùkọ́ léèrè ẹni tó ń wá síbi ìpàdé òbí.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Baba kì í délé títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ nítorí mọ́tò. Màmá àgbà fẹ́ràn ọmọ yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kò lè dìde bí ọmọ bá ń ṣàìsàn lóru. Lọ́dọ̀ ìyá, yàrá kan ṣoṣo ni, ọmọ mẹ́rin ló sì ń sùn níbẹ̀ pẹ̀lú tàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ, ó ń tì í ní aago mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjà bó bá ti jáde iléèwé. Olùkọ́ ọmọbìnrin sọ pé láti oṣù mẹ́ta tí ìyá ti lọ, iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kì í parí mọ́.

Adájọ́ pe ọmọbìnrin náà sínú yàrá rẹ̀, láìsí òbí kankan níbẹ̀. Ọmọ ọdún 11 lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, adájọ́ sì máa ń fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Àṣẹ kọ́ ló pa fún adájọ́. Ó ní òun fẹ́ wà pẹ̀lú ìyá òun àti àbúrò òun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kúrò ní iléèwé òun. Ẹ ṣàkíyèsí pé adájọ́ kò bi í pé ta ló fẹ́ràn jù láàárín òbí rẹ̀. Ẹni tó bá bi ọmọ léèrè bẹ́ẹ̀ ń di ẹrù àgbàlagbà lé e lórí. Mo sì bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ. Adájọ́ tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ a máa gbọ́ ohùn àgbà nínú ẹnu ọmọdé, ó sì máa ń kà á sí àléébù lára òbí tó kọ́ ọ.

Àṣẹ tó jáde ni pé kí ọmọ méjèèjì wà lọ́dọ̀ ìyá, nítorí pé kò dára kí wọ́n ya tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ṣùgbọ́n kí ìyá ti gba ilé oníyàrá méjì kí iléèwé tó wọlé, kí ọmọbìnrin sì máa lọ sí iléèwé rẹ̀ àtijọ́. Baba yóò máa gbé wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àti ìdajì gbogbo ọlidé. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé, ẹ kọ ibi tí ẹ ó ti máa fa ọmọ lé ara yín lọ́wọ́. Àṣẹ tó ní "kí baba máa rí ọmọ nígbà tó bá yẹ" ni ìjà tuntun máa ń ti inú rẹ̀ jáde, nítorí pé ohun tó yẹ lójú ẹnì kan kò yẹ lójú ẹnì kejì.

Ó ku owó. Kò sí òdiwọ̀n kan nínú òfin wa tó ní kí baba mú ìdá báyìí nínú owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Abala 70 nínú òfin ìgbéyàwó ti 1970 ní kí adájọ́ wo ohun tí òbí kọ̀ọ̀kan ní, ohun tó lágbára láti rí, ìwà wọn àti gbogbo ọ̀ràn tó yí wọn ká. Ìdí tí iye tó ń jáde fi sábà máa ń kéré ni pé ìyá kì í mú ìṣirò wá. Á kàn ní, "Kó máa fún wa lówó oúnjẹ." Adájọ́ á sì dá iye kan tó ní lọ́kàn.

Ìyá tí à ń sọ yìí mú ìwé ìṣirò wá. Owó iléèwé ọmọbìnrin jẹ́ 45,000 náírà ní táàmù, ti ọmọkùnrin jẹ́ 35,000. Ìyẹn jẹ́ 80,000 ní táàmù, 240,000 lọ́dún, tí ẹ bá pín in sí oṣù méjìlá, 20,000 ni. Oúnjẹ àwọn ọmọ jẹ́ 50,000 lóṣù, owó ọkọ̀ sí iléèwé 12,000, oògùn àti ọsibítù 8,000 bí ẹ bá dá a pọ̀ ká gbogbo ọdún, ìpín tiwọn nínú owó ilé 15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 105,000 lóṣù. Ó so rìsíìtì iléèwé àti ti ọsibítù mọ́ ọn.

Baba ní 140,000 ni owó oṣù òun, ó sì mú ìwé owó oṣù wá. Kò dárúkọ mọ́tò. Lọ́yà ìyá bẹ kóòtù kí baba mú àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé nǹkan bí 60,000 ń wọlé lóṣù láti ara èrò. Ó di 200,000. Ìyá náà sọ òótọ́ pé èrè òun lóṣù tó 70,000. Adájọ́ kò kó gbogbo ẹrù lé baba lórí, nítorí pé òbí méjèèjì ló ni ọmọ, kò sì fi ìyá sílẹ̀. Ó ní kí baba máa san owó iléèwé tààrà sí iléèwé, kó máa fi 45,000 sínú àkáǹtì ìyá kí oṣù tó pé ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n sì pín owó ọsibítù sí méjì. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 69,000 ló ń ti ọ̀dọ̀ baba jáde lóṣù, 36,000 lọ́dọ̀ ìyá.

Mo fẹ́ràn kí owó iléèwé máa lọ tààrà sí iléèwé, nítorí pé ó pa ẹnu méjèèjì mọ́: baba kò ní lè sọ pé wọ́n fi owó òun ra aṣọ ẹgbẹ́, ìyá kò sì ní máa sá fún akọ̀wé iléèwé. Ní kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n tún máa ń pàṣẹ pé kí owó gba ọwọ́ akọ̀wé kóòtù kọjá, kí ẹ̀rí lè wà. Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, ẹ má ṣe fi owó lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni láìsí ìwé. Baba tó san owó fún ọdún méjì lọ́wọ́ sí ọwọ́ kò ní ẹ̀rí kankan bí wọ́n bá ní kò san rí.

Owó yìí kì í dúró de ìparí ẹjọ́. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lè pẹ́, ọmọ kò sì lè dúró kí ó tó jẹun. Ẹ lè bẹ kóòtù láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé ẹjọ́ wọlé pé kó pàṣẹ onígbà díẹ̀ lórí ibi tí ọmọ yóò wà àti iye tí wọn yóò máa san kí ìdájọ́ tó dé. Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe dípò kẹ́ ẹ lọ gbé ọmọ sá ní iléèwé. Ẹni tó bá gbé ọmọ sá lọ sí ìlú mìíràn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí lòdì sí ara rẹ̀ ni, nítorí pé adájọ́ yóò béèrè iye oṣù tí ọmọ kò fi lọ sí iléèwé.

Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti san, ìyá lè ní kí kóòtù pè é wá kó wá sọ lábẹ́ ìbúra ohun tó ń wọlé fún un. Bí ẹnì kan bá sì ń fi ọmọ pamọ́ nígbà tí kóòtù ti ní kí òbí kejì máa rí i, ìwé kan wà tí àwọn akódà mọ̀ dáadáa, fọ́ọ̀mù 48, tó ń kìlọ̀ fún un nípa ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bó bá ṣàìgbọràn. Bí kò bá gbọ́, fọ́ọ̀mù 49 ló tẹ̀ lé e, kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní jù ú sẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ni kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹni tí kò ṣe ìgbéyàwó kún un, nítorí pé wọ́n pọ̀. Bí ọmọ bá wáyé láìsí ìgbéyàwó, lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ọwọ́ ìyá ni ojúṣe òbí kọ́kọ́ wà. Baba lè ní i pẹ̀lú àdéhùn tàbí nípa àṣẹ kóòtù. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú láti ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì. Baba tó bá ní ọmọ kì í ṣe tòun lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ti ìjọba, tàbí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA.

Ní ti ìgbéyàwó olórùka, ẹ má rò pé ìwé ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti parí ọ̀rọ̀. Ìdájọ́ yẹn kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí oṣù mẹ́ta yóò fi kọjá, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá sì wà, kóòtù gbọ́dọ̀ rí i pé ètò tó dára wà fún un kí ìkọ̀sílẹ̀ tó di àṣepé. Owó ìtọ́jú náà ní òpin tirẹ̀. Kóòtù kì í sábà pàṣẹ rẹ̀ fún ọmọ tó bá ti pé ọdún 21, àyàfi bí ọ̀ràn pàtàkì bá wà, bí ẹni tó ní àbùkù ara tí kò lè dá gbọ́ bùkátà.

Àṣẹ lórí ọmọ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi símẹ́ǹtì lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé baba yẹn lọ sí ìlú mìíràn lẹ́nu iṣẹ́, ọmọbìnrin sì ti wọ iléèwé girama. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kò ṣeé ṣe mọ́, owó iléèwé sì ti ga. Òbí èyíkéyìí lè padà sí kóòtù kan náà pẹ̀lú ẹ̀rí ohun tó yí padà, kó ní kí wọ́n tún un ṣe. Adájọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́: ta ló ń jí ọmọ láàárọ̀, ta ni olùkọ́ ń pè?